Fèrèsé ni ọ̀rẹ́ rẹ rí, kò rí télọ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ fọ́tò yíyà jù mí lọ dáadáa. Mo kó àwòrán bí ogójì fún un, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ òun lọ́kàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ti bàbá télọ̀ kan tó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, ó ní fèrèsé nìkan lòun rí níbẹ̀. Ó dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ló bá dákẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń gba irú ọ̀rọ̀ báyìí, kí n sì fi tún iṣẹ́ mi ṣe?"

Àbúrò mi, ibi tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni "ló bá dákẹ́." Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹnì kan wà tó máa ń bá mi wo iṣẹ́ mi, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan ó ní gbogbo ẹni tí mo yà ló dà bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo gbaná jẹ. Mo ní bí yàrá náà ṣe rí nìyẹn, mo ní àwọn èèyàn náà ń kánjú, mo ní kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohunkóhun tí mo bá gbé wá, "ó dáa" ni. Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé "ó dáa" yẹn, ilẹ̀kùn ló tì mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Ká ní mo ti ní kí wọ́n rìn ní ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta kúrò lára ògiri ni, òjìji dúdú tó wà lẹ́yìn orí wọn ì bá má sí níbẹ̀ rárá.

Àlàyé tí o ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ lè jẹ́ òótọ́ pátápátá kó má sì wúlò. Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. O gbọ́ ohùn bàbá yẹn, o mọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó gbójú sókè, o rántí ariwo máṣíìnì. Bí o bá wo àwòrán náà, gbogbo ìyẹn ló ń padà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ kò ní ọ̀kankan nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó wà lórí bébà tàbí lójú fóònù nìkan ló rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn lo lọ bá, ó sì júwe ibi tó wọ́ fún ọ. Kọ́kọ́ padà lọ bá a. Má bẹ̀bẹ̀ gùn, sọ fún un pé o ti ń wo ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn, o sì fẹ́ kó tún bá ọ wo díẹ̀ sí i, pé lọ́tẹ̀ yìí o ò ní dá a lóhùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ méjì ló sọ, wọn ò sì jọra. "Kò wọ̀ mí lọ́kàn" jẹ́ ìdájọ́. Kò sí ohun tí o lè fi kámẹ́rà ṣe sí i. Ṣùgbọ́n "fèrèsé nìkan ni mo rí" kì í ṣe ìdájọ́ rárá. Ó ń ròyìn ibi tí ojú rẹ̀ lọ ni. Irú ọ̀rọ̀ kejì yìí lo ń wá, torí pé ó ní ibi téèyàn lè dì mú. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì sọ irú àkọ́kọ́, iṣẹ́ tìrẹ ni láti fi ìbéèrè sọ ọ́ di irú kejì. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi àwọn tó ń wo iṣẹ́ mi: Kí lojú yín kọ́kọ́ lọ bá? Ibo ló gbà lẹ́yìn náà? Ibo ló gbà jáde? Kí lẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yẹn máa ń yà mí lẹ́nu jù. Mo ti gbé àwòrán obìnrin tó ń sunkún ayọ̀ fún ẹnì kan rí, ó ní, "Ṣé eyín ló ń dùn ún ni?" Mo ti gé ọkọ rẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú kúrò nínú àwòrán.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwòrán télọ̀ yẹn, torí pé bí o bá lóye ẹyọ kan yìí dáadáa, o ti mọ bí a ṣe ń jẹ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ lẹ́nu.

Ojú èèyàn kì í rìn gbéregbère lórí àwòrán. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ojú ọmọ ènìyàn bíi tirẹ̀ náà máa ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà tó bá ṣeé kà. Nínú àwòrán tìrẹ, ojú télọ̀ àti fèrèsé ló ń bá ara wọn du ojú ẹni tó ń wò. Fèrèsé ló borí, torí pé ojú bàbá náà ṣú. Kí ló dé tó fi ṣú? Kámẹ́rà rẹ kò mọ̀ pé télọ̀ lo wá yà. Ó ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wọlé, ó sì ń wá ibi tó máa fi í sí tí kò ní mọ́ jù, tí kò sì ní ṣú jù. Bí fèrèsé tó ń tàn yòò bá gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí kámẹ́rà dín gbogbo rẹ̀ kù. Ojú bàbá náà a wá bá a lọ sínú òkùnkùn. Àwọn kámẹ́rà kan àti ọ̀pọ̀ fóònù máa ń dá ojú èèyàn mọ̀, wọ́n á sì gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí fèrèsé bá ti mọ́ jù, agbára wọn kì í gbé e.

Kí o má bàa rò pé ojú ọ̀rẹ́ rẹ nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, dán an wò fúnra rẹ. Sọ àwòrán náà di kékeré lójú fóònù títí tí kò fi ní ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ní ìwọ̀n yẹn o ò ní rí ojú bàbá náà mọ́, o ò sì ní rántí ìtàn rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù tí o ṣì ń rí ni àwọn yòókù ń kọ́kọ́ rí. Tàbí kí o dorí rẹ̀ kodò. Lẹ́yìn náà fi àtàǹpàkò bo fèrèsé mọ́lẹ̀. Bí télọ̀ náà bá jáde síta lójijì bí ẹni tó jí lójú oorun, ọ̀rẹ́ rẹ ti jàre.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé ibí máa ń fẹ́ kọ́kọ́ fa ìmọ́lẹ̀ sókè. Lórí kámẹ́rà, +1 ni wọn yóò yí i sí, ìyẹn ni pé ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ ló máa wọlé. Lórí fóònù, wọ́n á fọwọ́ kan ojú bàbá náà, wọ́n á sì fa àmì oòrùn kékeré yẹn lọ sókè. Ojú télọ̀ á mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé náà á tún mọ́ sí i, á di funfun báláú tí kò ní nǹkan kan nínú, ojú ẹni tó ń wò á sì tún sá lọ síbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. O ti wo ẹsẹ̀ sàn, o fi ọwọ́ dípò. Gígé fèrèsé náà kúrò lè ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ pé etí àwòrán ló wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ gan-an ni, kí lo fẹ́ gé?

Ẹsẹ̀ ló máa ń tún irú èyí ṣe. Fojú inú wo yàrá náà láti òkè: fèrèsé nìyí, télọ̀ jókòó síwájú rẹ̀, ìwọ dúró sódìkejì, o dojú kọ fèrèsé. Rìn yí bàbá náà ká títí fèrèsé á fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, tí ìwọ náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri tí fèrèsé náà wà. Ní kó yí àga àti máṣíìnì rẹ̀ díẹ̀ bó bá gbà. Fèrèsé ti kúrò nínú àwòrán báyìí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ á mọ́, ìkejì á ṣú díẹ̀, ìlà ọwọ́ rẹ̀ àti okùn tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ á hàn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dákẹ́ nínú òkùnkùn. Fèrèsé tó ba àwòrán jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń tún un ṣe yìí. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lọ.

Ó sì lè jẹ́ pé o fẹ́ kí fèrèsé wà níbẹ̀, pé kí bàbá náà dúdú bí òjìji síwájú rẹ̀ ni ọkàn rẹ fẹ́. Kò burú, ṣùgbọ́n ṣe é dé ojú rẹ̀. Fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ sí -1 tàbí -2, kí o sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, imú, ètè àti irùngbọ̀n, bọ́ sórí ìmọ́lẹ̀ láìsí igi fèrèsé tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rí ni àwòrán tí kò tíì mọ èwo lòun ń ṣe nínú méjèèjì.

Nípa bí o ṣe ń kó àwòrán fún un, ogójì pọ̀ jù. Ẹni tó bá wo ogójì á wo mẹ́wàá àkọ́kọ́ dáadáa, ìyókù á di yíyẹ̀wò gààràgà, òun ló sì ń bí "kò wọ̀ mí lọ́kàn." Méjìlá tó. Kó mẹ́jọ tó dá ọ lójú síbẹ̀ àti mẹ́rin tí o kò mọ ohun tó ṣe é. Má kó èyí tí ìwọ fúnra rẹ ti mọ àṣìṣe rẹ̀, o kàn fẹ́ kó bá ọ kẹ́dùn ni. Bó bá jẹ́ Wasáàpù lo fi ń ránṣẹ́, lo Document, má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Wasáàpù á fún un pọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ á wá máa bá ọ sọ̀rọ̀ lórí bàìbàì tí kì í ṣe ìwọ lo fà á. Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ jọ jókòó.

Nígbà tó bá ń wò ó, má sọ ìtàn àwòrán kankan ṣáájú. Ní kété tí o bá ti sọ pé "bàbá yìí ti ń ránṣọ láti ọmọdé," o ti fi ojú tìrẹ bọ̀ ọ́ lójú. Mú ìwé kékeré dání. Kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́, má tún un sọ lédè tìrẹ. Bó bá ní "ọwọ́ yìí ń dà mí láàmú," ọwọ́ yẹn ni kó o kọ, má kọ "kò fẹ́ràn rẹ̀." Ìwé yẹn tún ní àǹfààní mìíràn tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: nígbà tí ọwọ́ bá ń kọ̀wé, ẹnu kì í ráyè jà.

Lẹ́yìn náà, fi ìwé yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìbínú máa ń ka ọ̀rọ̀ sódì. Nígbà tí o bá ṣí i, má bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwòrán ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Kà á. Nínú méjìlá, mélòó ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn? Mélòó ló ní ohun tó gé létí? Mélòó ló ṣe bàìbàì? Àṣìṣe tó jáde lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ìjàǹbá. Èyí tó jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìwà rẹ ni, òun sì nìkan ni kí o dojú kọ fún oṣù kan.

Ṣùgbọ́n má yára rò pé o ti mọ ohun tó fà á. Èyí ná mi lówó. Wọ́n sọ fún mi rí pé àwòrán mi máa ń ṣe bàìbàì. Mo gbà, mi ò jiyàn, mo tilẹ̀ ń yangàn pé mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbàmọ̀ràn. Mo lọ ra lẹ́ǹsì tuntun. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàìbàì náà ló ṣì ń jáde, ó kàn wá jẹ́ bàìbàì olówó iyebíye.

Bàìbàì mẹ́ta ló wà, àmì wọn sì yàtọ̀. Ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, fà á dé 100%. Bí gbogbo nǹkan inú rẹ̀, èèyàn, àga, ògiri, bá fà lọ sí apá kan náà bí ẹni pé wọ́n fi ìka nù ún, ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n. Bí àga tàbí ògiri bá mú kedere ṣùgbọ́n tí ìka télọ̀ nìkan fà, òun ló mira. Bí kò bá sí ohun tó fà rárá, tí etí rẹ̀ mú kedere tí ojú rẹ̀ sì rọ̀, fókọ́ọ̀sì ló lọ síbi tí kò yẹ. Gbogbo tèmi ló jẹ́ ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo yẹ àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà ń fi sára fáìlì wò, 1/30 ni mo ń fi yà pẹ̀lú lẹ́ǹsì mílímítà 85, ìyẹn ni pé ojú kámẹ́rà ń ṣí fún ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìlànà tí àwọn ayàwòrán ń lò ni pé kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn má kéré sí ti lẹ́ǹsì: bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ 85, ó kéré tán kó jẹ́ 1/100. Bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rẹ, ìyẹn ibi tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀, bá jẹ́ kékeré, jẹ́ kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn tún ga díẹ̀ sí i. Mo fa ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lágbára tó, sókè láti 200 sí 800, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin, mo wá lè lo 1/125 níbi tí mo ti ń lo 1/30 tẹ́lẹ̀. Àwòrán mú. Lẹ́ǹsì àtijọ́ ni mo fi yà á.

Ká ní ti ìka télọ̀ ni, 1/125 lè máà tó. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fẹ́ tó 1/250 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú lẹ́ǹsì tó ń dènà gbígbọ̀n kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn, torí pé ọwọ́ tìrẹ ló ń dì mú, kò lè di ọwọ́ ẹlòmíì mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o wá okùnfà kí o tó wá ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ rẹ sọ ibi tó ń dùn ún. Kò yẹ kó bá ọ mọ àrùn náà tán.

O lè bi mí pé, bó bá wá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ló ṣì í ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ti rí lọ́dún pípẹ́ ni pé ẹni tó mọṣẹ́ kì í sábà ṣì ibi tí nǹkan ti bà jẹ́, àtúnṣe tó dá lábàá ló máa ń jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó fẹ́ràn kó sún mọ́ èèyàn á máa sọ fún gbogbo ayé pé "sún mọ́ ọn." Ẹni tó fẹ́ràn dúdú òun funfun á ní kí o yọ àwọ̀ kúrò. Gba ibi tó tọ́ka sí, kí o sì wá àtúnṣe tìrẹ. Bó bá ṣì ń ṣe ọ́ bíi pé kì í ṣe òótọ́, gbé àwòrán kan náà fún ẹlòmíì tí kò mọ̀ ọ́n, béèrè ìbéèrè mẹ́rin yẹn, má sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí. Bí ìka méjèèjì bá bọ́ sójú kan náà, má wulẹ̀ bá ara rẹ jiyàn mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹni kejì rí télọ̀ kó tó rí fèrèsé, tí àdánwò èékánná náà sì gbè é, fi àwòrán rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní báyìí, padà lọ bá bàbá télọ̀ yẹn, ní irú wákàtí kan náà tí o lọ níjọ́sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè jọra. Ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà, ibi tí o dúró. Ya bí ogún. Yan mẹ́ta, kí o sì fi ti àtijọ́ mọ́ wọn, ó di mẹ́rin. Gbé wọn lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ láìsọ èwo ni tuntun, béèrè ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá, kí o sì mú ìwé rẹ. Ó ṣeé ṣe kó má yìn ọ́. Ó lè ní ìgbọ̀nwọ́ bàbá náà gé lápá òsì, tàbí pé àtùpà kan ń yọ jáde lórí rẹ̀ bí ìwo. Bí kò bá ti mẹ́nu kan fèrèsé, ọ̀rọ̀ fèrèsé ti tán nìyẹn. Kọ ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀.